Ife Méjì Tó Jọra

Ní sáà tó kọjá, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì wa ṣe fídíò ìlera kékeré kan ní èdè Yorùbá. Omi mímu ló kan ẹgbẹ́ tiwa. Ọ̀rẹ́ wa kan tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa ni yóò ya kàtúùnù rẹ̀. Èmi ni n óò kọ ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a óò máa gbọ́ bí àwòrán bá ti ń lọ. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọmọdé àti àgbà lè jọ jókòó wò.

Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ kan ni. Mo kọ ọ́ pé: "Omi tó dọ̀tí máa ń fa àìsàn. Ẹ máa mu omi tó mọ́." Ọ̀rẹ́ wa ya ife kan tí omi inú rẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀, tí kòkòrò méjì tó ní ìwo ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ìyá kan gbé omi náà kaná, omi sì mọ́ gaara, ìràwọ̀ ń tàn yí ife ká. Inú gbogbo wa dùn sí i.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo gbé e lọ sílé wa ní Ìbàdàn nínú fóònù mi. Kànga ni a ń lò nínú agbo ilé wa. Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ti lé ní ẹni 70 ọdún, àbúrò mi tó kéré jù sì jẹ́ ọmọ ọdún 8. Àwọn méjèèjì jọ wò ó. Nígbà tó parí, Màmá mi orí.

"Ó dára gan-an, ọmọ mi. Ohun tí mo máa ń wí náà nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń fi álọ́ọ̀mù sínú omi wa nìyẹn."

Àbúrò mi dìde, ó lọ ṣí dúrọ́ọ̀mù, ó tẹjú mọ́ omi inú rẹ̀. Ó ní, "Kò sí kòkòrò kankan nínú tiwa."

Ara mi bù máṣọ. Ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní táífọ́ọ̀dù, dá àbúrò mi yìí gúnlẹ̀ sí ọsibítù. Dókítà bi wá léèrè irú omi tí à ń mu. A ní omi wa mọ́. A kò purọ́, nítorí pé ojú wa ni a fi wò ó. Fídíò tí mo kọ wá tún padà sọ fún Màmá pé òótọ́ ni a sọ.

Álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò àìfojúrí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń kó ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú omi jọ di ìṣù, ìṣù náà á wúwo, á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó máa ń kó lára kòkòrò náà lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kó gbogbo wọn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, omi òkè á mọ́ gaara, àwọn tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á sì wà láàyè. Nínú fídíò wa, omi pípọ́n ló di omi tó mọ́. Iṣẹ́ tí álọ́ọ̀mù ń ṣe ni a yà, a wá pe orúkọ rẹ̀ ní sísè.

Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà, "mọ́", ń ṣe. Nínú èdè wa, ó dúró fún ohun tí ojú rí, ó tún dúró fún ohun tí kò lè pani lára. Nínú ọ̀rọ̀ omi, ọ̀nà méjèèjì yà síra. Mo bá yọ ọ́ kúrò lára omi pátápátá. Mo ní kí ọ̀rẹ́ wa pa kòkòrò oníwo rẹ́, kí ó ya ife méjì tí omi inú wọn jọra, tí kò sí ohunkóhun nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí i ni pé: "Ife méjì rèé. Ọ̀kan lè dá yín dùbúlẹ̀. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn èyí, atọ́kùn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ọmọdé lè wá ìyàtọ̀ títí, kí ó má rí i.

Ibi tí ó tún dí mi lọ́wọ́ ni sísè. Mo ti kọ ọ́ pé, "Ẹ jẹ́ kó hó." Mo wo Màmá ní ilé ìdáná. Bí ìfófòó kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ní ó ti hó, ó fẹ́ pa iná. Mo ní kò tíì tó. Ó ní, "Gáàsì wọ́n o. Wọ́n ní kí á sè é fún ogún ìṣẹ́jú nígbà kan, ni mo bá fi sílẹ̀." Bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré ti tó níhà ọ̀dọ̀ wa, bí ó bá ti hó dáadáa. Orí òkè gíga, tó bá ju mítà 2,000 lọ, ni a ti ń fi kún un títí dé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo tún un kọ: "Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé e kaná títí yóò fi hó yaya, tí gbogbo ojú omi ń ru. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta. Ẹ pa iná. Ẹ bò ó, kó tutù nínú ìkòkò náà."

Mo tún fi gbólóhùn kan sí i nípa ọwọ́, nítorí pé omi tí a ti sè lè padà bàjẹ́ bí a bá ki ife àti ìka bọ̀ ọ́. Mo kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ máa bù ú báyìí." Ojú Màmá kò ríran dáadáa mọ́, ó bi mí pé, "Báyìí wo?" Láti ìgbà náà, mo máa ń dojú fóònù délẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nìkan. Ohun tí kò bá yé mi, mo tún un kọ: "Ẹ fi ìgbákọ ọlọ́wọ́ gígùn bù ú." Mo tún pa ohùn, mo jẹ́ kí àbúrò mi wo àwòrán nìkan, kó sọ ohun tó rí fún mi.

Gbólóhùn kan ló kù tí mo kọ̀ láti yọ, bí àkókò tilẹ̀ há: "Bí kànga bá ń rùn bí epo bẹntiróò, ẹ má sè é, ẹ wá omi mìíràn." Iná kì í tún irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe.

Nígbà tí mo gbé ẹ̀dà tuntun délé, Màmá kò yìn mí. Ó bù lára omi dúrọ́ọ̀mù, ó sẹ́ ẹ, ó gbé e kaná, ó pe àbúrò mi kó wá kà á. Ọmọ náà sáré kà á dé ọgọ́ta kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé. Màmá ní kó padà bẹ̀rẹ̀ láti ení.