Aago Tí Kò Gba Iná Mọ́: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Ara Ògiri

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí sìmáàtì-wọ́ọ̀ṣì, ìyẹn aago ọwọ́ ìgbàlódé tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, bá kọ̀ tí kò gba iná mọ́ lórí ìjókòó ṣájà rẹ̀, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tún un ṣe ni pé bátìrì ti kú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ bátìrì, ibi mẹ́rin ni yóò gbà kọjá: orísun iná fúnra rẹ̀, orí ṣájà, wáyà, àti ojú irin tí aago fi kan ìjókòó rẹ̀. Bátìrì ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ lè náwó sí ohun tí kò bàjẹ́ rárá.

Aládùúgbò mi kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olùkọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi irú aago bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Láràárọ̀ ni Bàbá ń fi í rìn yí ká àdúgbò, bó bá sì di alẹ́, a ka iye ìṣísẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lù fún ọmọ náà lórí fóònù. Aago kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ìṣirò alalẹ́ yẹn ni ọmọ fi ń mọ̀ pé bàbá òun jáde lónìí. Nígbà tí aago dákẹ́, ọkàn ọmọ kò balẹ̀ mọ́. Ẹnìkan ní Ìkọ̀tún ti bu náírà 35,000 lé e láti pààrọ̀ bátìrì. Bàbá ní kí n wá wò ó kí òun tó sanwó.

Mo bi í pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, inú kí ni ẹ fi ṣájà náà sí?” Ó dáhùn pé, “Páwà báǹkì ni, ọmọ mi. Ṣé iná wà tí n óò fi sí ara ògiri ni?” Ìdáhùn náà kò yà mí lẹ́nu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC fi owó kún iná àwọn tó wà ní Ìpele A, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́. Àdúgbò tiwa kò sí nínú wọn, nítorí náà páwà báǹkì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń gba ara wọn sílẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro kìíní wà. Bátìrì aago kéré púpọ̀. Kò sábà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti fóònù, iná tó ń fà kò sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ páwà báǹkì ló sì máa ń ṣọ́ bí iná tó ń jáde lára wọn ti pọ̀ tó. Bó bá kéré jù, wọ́n á kà á sí pé kò sí ohun tí a fi sí wọn lára, wọ́n á sì pa ara wọn. Àmì rẹ̀ ni pé àwòrán bátìrì á yọ lójú aago, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ iná ara páwà báǹkì á kú, aago náà á sì dákẹ́. Bí àpẹẹrẹ tiwọn bá rí báyìí, ẹ fi fóònù sí ihò kejì páwà báǹkì náà kó má baà sùn, tàbí kí ẹ lo orí ṣájà lára ògiri nígbà tí iná bá dé.

A dúró de iná. Nígbà tó dé, mo kọ́kọ́ fi orí ṣájà kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa gba iná sí fóònù mi, kí n lè mọ̀ dájú pé sọ́kẹ́ẹ̀tì àti orí ṣájà náà kò ní àbùkù. Lẹ́yìn náà ni mo yọ fóònù, tí mo sì fi wáyà ìjókòó aago sí i. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pààrọ̀ mẹ́ta pọ̀ tí aago sì jí, ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Wáyà ti Bàbá lẹ̀ mọ́ ìjókòó náà, a kò lè fi fóònù dán an wò. Mo wá rọra tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi ọrùn rẹ̀ méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni okùn inú rẹ̀ sábà máa ń já sí. Bí àwòrán bátìrì bá ń yọ tó sì ń parẹ́ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́, wáyà ló jẹ̀bi. Ti Bàbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo tẹ aago fúnra rẹ̀ mọ́ ìjókòó ni àwòrán yọ. Bí mo ti gbọ́wọ́ kúrò, ó tún lọ.

Mo dojú aago délẹ̀. Ojú irin kékeré méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀kan ń dán, èkejì ti dúdú, ohun kan bí iyọ̀ tó fẹ́ ṣe àwọ̀ ewé sì yí i ká. Òógùn ló fà á. Iyọ̀ wà nínú òógùn, bí a bá sì gbé aago tó ṣì tutù lé ìjókòó, iná á gba inú omi iyọ̀ yẹn kọjá láti ojú irin kan sí èkejì, á sì máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Láti orí ìrìn àárọ̀ ni Bàbá ti ń gbé tirẹ̀ lọ tààrà sórí ìjókòó. Ìjókòó náà tún ní mágínẹ́ẹ̀tì, ó sì ti fa lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ra, nítorí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jó irin kò jìnnà sílé.

A yọ ṣájà kúrò lára iná pátápátá. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, tó sì gbẹ, gbá lẹ́búlẹ́bú náà kúrò. Mo wá fi òwú tí mo rọra kán sípíríìtì sí nu ojú irin aago àti irin ṣóńṣó inú ìjókòó, títí òwú kò fi dúdú mọ́. Kí ẹ má ṣe lo abẹ́rẹ́, bíléèdì tàbí pépà tí wọ́n fi ń ha igi, torí ohun tí wọ́n fi bo irin náà fẹ́lẹ́; bó bá ti ṣí, yóò tètè dógùn-ún. Kí ẹ sì gbé sípíríìtì jìnnà sí àbẹ́là àti jẹnẹrétọ̀. A fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí a tó dá iná padà. Fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, aago kò sọ ohunkóhun, nítorí bátìrì tó ti gbẹ tán kì í tètè fi àmì hàn. Lẹ́yìn náà ni ó jí. Bátìrì tí wọ́n fẹ́ gba náírà 35,000 lé lórí kò ní àrùn kankan.

Irú aago kan wà tí kò ní ojú irin lẹ́yìn, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán ni iná gbà wọlé. Bí ó ṣe jókòó dáadáa ni kí ẹ wò níbẹ̀, àti bóyá ọ̀rá tàbí ìdọ̀tí wà láàárín. Bí irin ṣóńṣó inú ìjókòó bá wọlé tí kò ta jáde mọ́, ìjókòó ni kí ẹ rà, kó sì jẹ́ ti irú aago náà gan-an, nítorí ètò irin wọn yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn aago bá wú, tàbí ojú rẹ̀ ń ṣí kúrò lára rẹ̀, ẹ má nu ohunkóhun, ẹ má sì tún gbé e síná. Nígbà yẹn, bátìrì lọ̀rọ̀ kàn lóòótọ́, ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló sì tọ́ sí.