Ọ̀rẹ́ Mi Pé Ọdún 25 Nílé Ọkọ: Ọjọ́ Wo Gan-an La Ń Kà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ojú ìwé yìí fún mi kí n fi kí ọ̀rẹ́ mi kan kú oríire. Bí mo bá sì kí i tán, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ní ọmọ tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ní Àpòmù, kú oríire o. Bàbá Ìbejì, ọkọ wa ní Ìkirè, ẹ kú oríire, sà. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àjọyọ̀. Ọdún 25 tí ẹ ti jọ ń gbé kò ṣẹlẹ̀ lójú oorun. Ojú mi ló ṣe, mo wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ yín ló pè mí lórí fóònù lóṣù tó kọjá. Wọ́n fẹ́ rán aṣọ, wọ́n fẹ́ kọ ọjọ́ ìgbéyàwó yín sára bébà tí wọ́n máa pín. Ni wọ́n bá ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ sin màámi wá sílé ọkọ. Ọjọ́ wo gan-an ni?" Bàbá wọn sọ ọjọ́ kan, ìyá wọn sọ òmíràn. Ẹ̀rín pa mí, nítorí pé àwọn méjèèjì ò purọ́.

Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba, ìwé tó gbà ló máa sọ ọjọ́ fún un. Tiwa kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo. Ti ọ̀rẹ́ mi, ìgbà mẹ́ta ni ẹbí méjèèjì jókòó. Àkọ́kọ́, àwọn ará Ìkirè wá sí Àpòmù wá mọ ilé. Wọn ò mú ohun púpọ̀ wá, wọ́n kàn wá sọ pé àwọn rí òdòdó kan lágbàlá wa. Ìkejì ni ìdána. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, epo àti iṣu wá, tí wọ́n sì san owó orí. Bàbá Ìbejì, ọjọ́ ìdána yìí lẹ ń kà. Mi ò bá yín wí, ẹ̀yin lẹ náwó ọjọ́ náà!

Ìkẹta wáyé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìdána, ní ìparí oṣù Bélú ọdún 2000. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn àgbà ilé bàbá rẹ ṣúre fún ọ lórí ìkúnlẹ̀, a bo orí rẹ, a sì sin ọ́ lọ sí Ìkirè. Ọ̀nà náà ò jìn, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ ò jẹ́ kó tètè tán. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, wọn ò jẹ́ kí o wọlé. Ìyàwó àgbà ilé náà gbé omi tútù jáde, ó da á sí ọ lẹ́sẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Wọ́n gbé igbá síwájú rẹ, o fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́, àwọn ìyàwó ilé sì ń ka àfọ́kù rẹ̀ pé iye ọmọ tí o máa bí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni àgbà tó ṣíwájú wa láti Àpòmù di ọwọ́ rẹ mú, ó fi lé àgbà ilé ọkọ rẹ lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ wa rèé o. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀."

Ọjọ́ yẹn la ń kà. Bí wọ́n bá gbé ìdána wá tí wọn ò tíì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, àfẹ́sọ́nà ni, kò tíì di ìyàwó ilé. Òfin ìbílẹ̀ tí àwọn kọ́ọ̀tù wa ń lò náà gbà bẹ́ẹ̀: kí òbí fọwọ́ sí i, kí wọ́n san owó orí, kí wọ́n sì fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́ níṣojú ẹbí. Fífà-léni-lọ́wọ́ yìí ló ń parí ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, o rántí ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí mú wa dé kọ́ọ̀tù. Ọ́fíìsì kan ní kí o mú ìwé ìgbéyàwó wá kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ mọ́ ti ọkọ rẹ. O ní ìbílẹ̀ lẹ ṣe. Akọ̀wé wò ọ́ bí ẹni pé o ò lọ́kọ rí. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ fi etí sí èyí: ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í ṣe àìní ìgbéyàwó, àìní ẹ̀rí lórí ìwé ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ìyẹn àfidáfíìtì. Wọ́n kọ orúkọ tọkọtaya síbẹ̀, orúkọ àwọn tó gba owó orí, ìlú tí wọ́n ti ṣe é, àti ọjọ́ tí wọ́n fa ìyàwó fún ọkọ. Ẹnìkan láti ilé bàbá rẹ búra, èmi náà búra gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sin ọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n na Bíbélì sí mi, mo ní oníṣẹ̀ṣe ni mí. Wọ́n wá irin fún mi, mo fi Ògún búra. Ọ́fíìsì gbà á. Ìgbà yẹn la dúpẹ́ pé bàbá rẹ kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn fọ́tò kan, nítorí ká ní kò kọ ọ́ ni, ẹnu wa ì bá má kò.

Ìdí mìíràn wà tí ọjọ́ yẹn fi ṣe pàtàkì sí mi, o sì ti ní kí n sọ ọ́. Ọdún mẹ́fà kọjá kí Ìbejì tó dé. Àwọn kan ní ilé ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àfọ́kù igbá mọ́ ọ lójú. Lọ́jọ́ kan o di ẹrù, o padà sí Àpòmù. Àwọn àgbà ilé bàbá rẹ ò lé ọ, wọn ò sì sọ pé kí o jókòó. Wọ́n fún ọ lóúnjẹ, wọ́n jẹ́ kí o sùn, ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n bi ọ́ pé, "Ta ló da omi sí ọ lẹ́sẹ̀?" O dárúkọ ìyàwó àgbà ilé náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àgbà méjì tẹ̀ lé ọ lọ tààrà, wọn ò kọ́kọ́ lọ bá ọkọ rẹ. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ fọ ẹsẹ̀ ọmọ wa wọlé. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ náà fi jáde?" Ìyá àgbà yẹn kó àwọn ìyàwó ilé jọ, ó sì fi òpin sí ọ̀rọ̀ àfọ́kù igbá. Ọkọ rẹ náà dìde láàárín wọn, ó ní bí ọmọ ò bá tiẹ̀ dé, òun ò lọ síbì kankan. Bàbá Ìbejì, gbólóhùn yẹn ni mo fi ń kí yín lónìí.

Ẹ̀yin ọmọ wọn, nípa ọjọ́ tí ẹ bèèrè, ẹ jẹ́ ká ka ọ̀sẹ̀ oníṣẹ̀ṣe pọ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ Ifá ni wọ́n fa ìyá yín wọlé. Láti ìgbà náà di ọjọ́ kan náà ní ọdún 2025 jẹ́ ọjọ́ 9,131. Ọ̀sẹ̀ wa jẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Tí ẹ bá fi mẹ́rin pín 9,131, ọjọ́ mẹ́ta máa ṣẹ́kù. Ẹ kà á láti ọjọ́ Ifá: Ògún, Jàkúta, Ọbàtálá. Nítorí náà, ọjọ́ Ọbàtálá ni ọdún 25 bọ́ sí, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọjọ́ Ifá. Ẹ fi ọjọ́ àkọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Òrìṣà tó mọ yín nínú ìyá yín, kí ẹ fi ìkejì bọ Ifá, kí ẹ wá jó.

Nígbà tí ẹ bá ń to nǹkan àdúrà, ẹ má ṣe gbàgbé ataare. Ní ọjà Àpòmù wa yìí, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ìjà bẹ́ láàárín ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú lórí ataare. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Sámúẹ́lì Jọ́nsìn kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó sọ pé ẹni tó rà á kà á, ó ní ẹyọ kan dín, ẹni tó tà á ní ó pé. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà, ìjà di ogun, ogun náà ló sì fọ́ Òwu. Ataare kan náà yìí ni a gbé ka iwájú àwọn òbí yín nígbà ìdána, tí a ní kí ilé wọn kún bí inú ataare ṣe ń kún. Lọ́jà, ẹyọ kan dín, wọ́n jà. Nílé àwọn òbí yín, ó dín fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ní sùúrù títí tó fi lé méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé dòdò Ìkirè ò ní wọ́n níbi àjọyọ̀. Nígbà tí o kọ́kọ́ dé ilé ọkọ, o ní kí ni wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù, tó ti dúdú, ṣe. Wọ́n ní kí o gún un pẹ̀lú ata àti iyọ̀, kí o dín in nínú epo pupa, kí o mọ ọ́n. Ní báyìí, ìwọ ọmọ Àpòmù lo ń kọ́ àwọn ọmọ Ìkirè bí wọ́n ṣe ń ṣe é! Fi tèmi pamọ́ o, mo ń bọ̀ pẹ̀lú àpò ńlá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo máa mú obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin wá, akọ méjì, abo méjì. Kí akọ kan àti abo kan ṣí sókè fún wa nígbà tí a bá dà á, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Èjìrẹ́. Bí ó bá sì sọ ohun mìíràn, a ó bèèrè ohun tó fẹ́, a ó ṣe é, a ó sì jẹ obì náà papọ̀.

Omi tútù tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbóná mọ́ ọ. Ọwọ́ tí wọ́n fi ọ́ lé ò ní tú. Ìbejì á gbé ìyàwó wálé lójú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ó sì jọ da omi sí ìyàwó wọn lẹ́sẹ̀. Àṣẹ o.

Ẹ̀yin ẹbí, lọ́jọ́ tí ẹ bá fa ọmọ yín lé ọkọ lọ́wọ́, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó sùn. Àbọrú àbọyè.