Bí A Ti Ń Ṣètò Ìṣúná Ọdún Fún Ẹgbẹ́ Kékeré

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tàbí òmíràn ní àdúgbò yín. Bí ẹ bá mọ ìwé kọ, tí ọwọ́ yín sì mọ́, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi yín ṣe akápò. Ìwé owó tí wọn yóò gbé lé yín lọ́wọ́ yóò sọ ohun tí ó ti wọlé àti ohun tí ó ti jáde. Kò ní sọ ohun tí ń bọ̀. Iṣẹ́ ètò ìṣúná ni èyíinì, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní Olúpọ̀nnà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire tí kò jìnnà sí Ìwó, ni mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́ ìyàwó ilé kan. Bí ọ̀kan nínú wa bá bímọ, bí ó bá ṣàìsàn, tàbí bí òbí rẹ̀ bá kú, ẹgbẹ́ ti ṣe ìlérí owó fún un. Ní ọdún kan kí wọ́n tó fi mí jẹ oyè náà, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ẹ̀bí ọ̀kan nínú wa ní Oṣù Kẹsàn-án. Títí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ fi kọjá, ẹgbẹ́ kò rí kọ́bọ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ a ti jẹ, a ti mu, a ti dá aṣọ ní ìparí ọdún tí ó ṣáájú. Obìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dẹ́kun àtimáa wá sí ìpàdé ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú owó tí à ń sọ. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó èésú. Èésú ni ohun tí o dá tí ìwọ náà yóò sì kó. Owó ẹgbẹ́ kì í padà sọ́wọ́ ẹni tí ó san án, ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún ènìyàn láti jẹ ẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iye ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ṣírò ohun tí yóò wọlé.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Mo ti sọ iye rẹ̀ di odidi kí ó lè rọrùn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá jẹ́ 40, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san ₦1,000 lóṣù, ó yẹ kí ₦480,000 wọlé lọ́dún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìdí ìwé rìsíìtì ọdún tí ó kọjá, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ohun tí ó wọlé ní tòótọ́ bá jẹ́ ₦360,000, iye yẹn ni kí ẹ kọ fún ọdún tí ń bọ̀. Gbèsè tí àwọn tí kò san jẹ kì í ṣe owó. Ọjọ́ tí wọ́n bá san án ni kí ẹ tó kà á.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ kọ ìnáwó tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ka iye ìbímọ, ìsìnkú àti àìsàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta tí ó kọjá, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ìbímọ bá jẹ́ 6, 9 àti 6, ẹ kọ 7 sílẹ̀. Tiwa rí báyìí:

Àga àti ibi ìpàdé: ₦60,000
Ìwé, rìsíìtì, owó ọkọ̀ sí báǹkì: ₦36,000
Ìbímọ 7, ₦10,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦70,000
Ìsìnkú òbí 4, ₦15,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦60,000
Àìsàn 5, ₦10,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦50,000

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦276,000. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí ó wọlé, èyíinì ni ₦36,000, fún ìpamọ́. Ohun tí ó kù jẹ́ ₦48,000, òun nìkan ni ó sì tọ́ sí àríyá ìparí ọdún. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ń fẹ́ àríyá ₦120,000, kí wọ́n dá ₦72,000 yòókù lọ́tọ̀, tàbí kí wọ́n dín ìrẹsì kù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ̀pọ̀ akápò yóò rò pé iṣẹ́ ti parí níbí, nítorí pé ìṣirò ti bára mu. Kò tíì parí. Ẹ pín ọdún sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì tún wo ìdí rìsíìtì. Lọ́dọ̀ wa, ₦70,000 wọlé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ₦70,000 ní oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Láti Oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án, ₦60,000 péré ni, nítorí pé owó ilé-ìwé ọmọ ń bọ̀, kòkó kò sì tíì jáde tó. Láti Oṣù Kẹwàá sí Ìkejìlá, nígbà tí àgbẹ̀ ti ta kòkó, ₦160,000 wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ìnáwó wa kò mọ ìgbà kòkó. Nǹkan bí ₦69,000 ni ó ń jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kíní ṣẹ́ ₦1,000 kù, ẹ̀ẹ̀kejì ṣẹ́ ₦1,000, ẹ̀ẹ̀kẹta sì jẹ gbèsè ₦9,000. Ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án, àpò ti ṣófo, ó sì ku ₦7,000 tí a kò rí san. Ẹ ò rí i pé ìṣirò ọdún lè péye, kí aláboyún ó sì wá bá àpò òfìfo! Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ má ṣe ná gbogbo owó Oṣù Kejìlá tán. A ti fi í ṣe òfin pé ₦20,000 gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì nígbà tí ọdún bá yí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi dá aṣọ.

Ó wá ku owó ìtọrẹ. Ìgbà Ìléyá àti Kérésìmesì ni àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi ń wálé, ìgbà náà ni wọ́n sì ń fún wa lówó. Ẹ rántí pé Ìléyá kì í dúró lójú kan: ní nǹkan bí ọjọ́ 11 ni ó fi ń ṣáájú lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 16 Oṣù Kẹfà ni. Ní 2025, ọjọ́ 6 Oṣù Kẹfà ni. Ẹni tí ó bá kan da oṣù ìtọrẹ ọdún kan kọ fún ọdún mìíràn yóò ṣì í ṣe láìpẹ́.

Ìtọrẹ kò ní iye, kò sì ní ìlérí. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fúnni ní ₦100,000 nínú ₦150,000 tí ó wọlé, ẹ bi ara yín léèrè bí ọdún yóò ti rí bí olúwarẹ̀ kò bá wá. Ẹ má fi ìtọrẹ san owó àga tàbí owó ìbímọ. Ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ fi ṣe, bí àtúnṣe ẹ̀rọ omi, nígbà tí owó bá sì ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí olùtọrẹ bá sọ ohun tí òun fi owó náà fún, ẹ fún un ní ojú ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ìparí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé: ohun tí a ní a ó ná, ohun tí a ná, àti ìyàtọ̀ àárín wọn. Ẹ kà á sókè ní ìpàdé, kí àwọn tí kò mọ̀wé náà lè gbọ́. Bí owó tí ó wọlé láàárín oṣù mẹ́fà bá dín sí ₦140,000, ìgbà náà gan-an ni kí ẹ gé ìnáwó àríyá kù. Bí ó bá di Oṣù Kọkànlá, aṣọ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀.