Àádọ́ta Náírà Lọ́nà Méjìlá

Owó iléèwé ọmọ mi kan ni mo ń wá nínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì mi tí ojú mi fi bọ́ sórí ìlà kan tó ń padà wá ṣáá: CARD MAINT FEE, náírà 50. Kí ni 50 náírà lè rà lónìí? Mo gbójú kúrò, àmọ́ n kò rí oorun sùn.

Mo bá kó ìlà ọdún 2024 látòkèdélẹ̀ sínú Excel, mo sì tẹ èyí:

```
=SUMIF(C:C,"*CARD MAINT*",D:D)
```

Òdo ló gbé jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn ìlà náà ń wò mí lójú. Àṣé báńkì ti lẹ NGN mọ́ iye owó kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà wá kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ lásán. Mo yọ ọ́ kúrò, 645 bá yọjú. Ìlà 24 ni: méjìlá fún káàdì, méjìlá fún owó-orí tó ń tẹ̀ lé e, 3.75 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkáǹtì ìfowópamọ́ sì ni. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa gba 50 náírà yìí lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, kì í ṣe lóṣooṣù mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, pẹ̀lú owó-orí, 215 ni. Wọ́n fi 430 lé e.

“Olè” ni mo kọ́kọ́ kọ sínú ímeèlì. Mo pa á rẹ́, mo to ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n yọ owó tí kò tọ́, mo sì kọ ìlànà náà sísàlẹ̀ wọn.

Bí mo ṣe ń to ọjọ́ wọ̀nyẹn ni alájọ ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn, òun àti káàdì páálí rẹ̀. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀. Ká sòótọ́, alájọ wọ́n ju báńkì lọ dáadáa! Síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ìyá mi bá a jà lórí rẹ̀ rí. Màmá kò kàwé, àmọ́ ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fa ìlà sójú àpótí àkọ́kọ́. Bóyá ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, bóyá kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo kàwé ni mo fi ọdún kan gbáko má wo káàdì mi.

Lọ́jọ́ kejì ni báńkì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Mo pa nọ́ńbà náà mọ́, nítorí bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, òun ni màá fi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Báńkì Àpapọ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá, 400 náírà wọlé. Wọ́n ní 30 tó kù jẹ́ owó-orí, ìjọba ti gbà á. Ṣùgbọ́n owó tí kò yẹ kí wọ́n gbà, báwo ló ṣe lówó-orí?

Ímeèlì kejì wà níwájú mi báyìí, nítorí ọgbọ̀n náírà. Ìyàwó mi ti lọ sùn.