Owó Ọkọ̀ Nígbà Òjò

Bí òjò bá ṣú ládùúgbò wa ní Maitumbi, kò sí awakọ̀ takisí tó nílò ẹ̀rọ kankan kó tó mọ̀ pé owó ọkọ̀ ti lé. Yóò wo ojú ọ̀run, yóò wo àwọn èrò tó ń sá wọ abẹ́ òrùlé, yóò sì dá iye tó wù ú. Àwa náà á dúnàádúrà, a ó sì wọlé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó bá ń bú ọkọ̀ orí fóònù pé ó ń fowó lé owó, mo máa ń ní kí wọ́n fara balẹ̀ ṣírò.

Uber dé Èkó ní 2014. Bolt, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Taxify nígbà náà, tẹ̀ lé e ní 2016. Owó ìbẹ̀rẹ̀, owó kìlómítà àti owó ìṣẹ́jú ni wọ́n ń rò pọ̀. Bí àwọn tó ń pe ọkọ̀ ládùúgbò kan bá pọ̀ ju awakọ̀ tó wà nítòsí lọ, ẹ̀rọ á sọ iye náà di ìlọ́po, kí owó ńlá lè fa awakọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iye àpẹẹrẹ ṣe é. Ìbẹ̀rẹ̀ ₦400, kìlómítà 10 ní ₦100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 30 ní ₦20 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó di ₦2,000. Onítakisí ní òun ó gba ₦3,000 fún dírọ́ọ̀pù. Ẹ fi 2,000 pín 3,000, ẹ ó rí 1.5. Ibẹ̀ ni ààlà wà. Bí fóònù bá sọ owó di ìlọ́po 1.4, ₦2,800 ni, ẹ wọ tirẹ̀. Bó bá di 1.8, ₦3,600 ni, ẹ pe onítakisí.

Ẹ kíyè sí i pé dírọ́ọ̀pù ni mo fi wé e. Àwọn kan máa ń mú owó ìjókòó kan nínú takisí tó ń kó èrò, wọ́n á fi wé odidi mọ́tò tó gbé àwọn nìkan. Ìyẹn kì í ṣe ìfiwéra. Ẹni tí kò lẹ́rù, tí kò sì kánjú, ìjókòó yẹn náà ló dín owó jù fún un, òjò ì báà rọ̀ tàbí kó má rọ̀.

Lónìí, iye àpapọ̀ nìkan ni fóònù sábà máa ń fi hàn, kì í sọ ìlọ́po. Ẹni tí kò mọ iye tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ń jẹ́ lọ́sàn-án tí ọwọ́ dilẹ̀ kò lè mọ̀ pé owó ti lé. Iye náà sì lè wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí awakọ̀ bá pọ̀ sí i. Onítakisí kì í sábà dín tirẹ̀ kù títí òjò á fi dá.

Wàhálà mìíràn tún wà. Nígbà tí ìrànwọ́ epo dópin ní oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan fò láti bíi ₦185 sí ₦488 ní ilé epo NNPC l'Ékòó, onítakisí fi tirẹ̀ kún un lójú ẹsẹ̀. Awakọ̀ orí fóònù kì í sábà láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló sábà máa ń dá iye. Ìdí rèé tí àwọn awakọ̀ kan fi ń pe èrò lórí fóònù pé kó fi nǹkan kún iye tó rí. Bí wọ́n bá béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín, iye tuntun yẹn ni kẹ́ ẹ fi wé ti dírọ́ọ̀pù, kì í ṣe èyí tó wà lójú fóònù.