Ibùsùn Ẹ̀gbọ́n Mi Nígbà Òtútù

Yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin háyà ní Mánṣẹ́sítà wà lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni onílé ń pa hítà, ó di ìdájí kó tó tún tàn án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí inú ilé má tutù ju ìwọ̀n 18 lọ. Ní oṣù kìíní, ìwọ̀n 11 ni yàrá yìí máa ń wà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọyẹ́ tí ń la ètè wa nílé, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ obìnrin yìí ń sùn àsùnwọra.

Ìsàlẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ ló ń mú èèyàn móoru, ara tó bá sì tẹ fóòmù pẹlẹbẹ ti lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde. Nítorí náà, òtútù á máa gba abẹ́ wọlé sí ẹni tó kó aṣọ rẹpẹtẹ bora. Kúbùsù irun àgùntàn kan ló tẹ́ sórí fóòmù, ó wá fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò ó. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà jẹ́ òwú, ṣùgbọ́n wọ́n ti ha ojú rẹ̀ títí ó fi hu irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ta èèyàn jí bíi ti èyí tó ń dán.

Ìró àǹkárá tó máa ń so mọ́ àyà sùn nílé ti di ohun ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Béèyàn bá yíra lóru, ìró á tú, ẹ̀yìn á sì wà níta. Ẹ̀wù irun àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ alápá gígùn ló ń wọ̀ mọ́ ara báyìí, á ki ìdí rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò, á wá wọ píjámà òwú tó fẹ̀ lé e. Òógùn ló fà á. Òwú máa ń fa òógùn mu, kì í sì í tètè gbẹ, aṣọ tútù á wá lẹ̀ mọ́ni lára. Irun àgùntàn lè gba omi tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀ kó tó di pé a mọ̀ ọ́n lára. Ó wọ́n o, ṣùgbọ́n òkìrìkà ni tirẹ̀. Síwẹ́tà nípọnnípọn kò sí nínú ètò rẹ̀, nítorí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ sùn á làágùn lóru, òógùn náà á sì mú un gbọ̀n. Bí ẹ̀yìn ọrùn bá tutù rinrin nígbà tẹ́ ẹ jí, aṣọ ti pọ̀ jù. Ẹ bọ́ ọ̀kan.

Ìbọ̀sẹ̀ ló ń tọ́jú jù. Ó ní èyí tó jẹ́ ti ibùsùn nìkan: irun àgùntàn, ẹnu rẹ̀ dẹ̀, kì í fi àpá sí ọrùn ẹsẹ̀. Èyí tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kì í bá a dé orí bẹ́ẹ̀dì, nítorí òógùn ọ̀sán ti wà nínú rẹ̀ bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Kì í sì í wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra, nítorí èkejì á fún ti ìṣáájú pa, afẹ́fẹ́ á tán láàárín wọn, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní rìn dáadáa dé ọmọ ìka. Ẹsẹ̀ tó bá móoru máa ń jẹ́ kí oorun tètè gbéni lọ: iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á fẹ̀, ooru inú ara á gba ibẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ara gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ kéèyàn tó sùn.

Nínú ìbora, kúbùsù ló ń sún mọ́ ara, dúfẹ̀ wà lókè. Ohun tó wúwo lórí dúfẹ̀ á tẹ ìyẹ́ inú rẹ̀ pa, iṣẹ́ rẹ̀ á sì dínkù. Tógì ni wọ́n fi ń wọn agbára dúfẹ̀: 4.5 fún ìgbà ooru, 13.5 fún irú òtútù yìí. Fìlà wúlẹ̀wúlẹ̀ ló fi ń bo orí, sátíìnì wà lábẹ́ rẹ̀ nítorí irun. Kì í mí sábẹ́ ìbora, nítorí èémí máa ń sọ ọ́ di ọ̀rinrin. Láàárọ̀, á ká gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kó gbẹ kó tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Rọ́bà omi gbígbóná máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ibùsùn. Kì í da omi tó ń hó sí i, kì í sì í jẹ́ kó kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Á tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kó tó dé e. Rọ́bà tó bá ti lo ọdún méjì, tàbí tó ń sán, pàǹtí ni.

Àgbàlagbà ni gbogbo èyí wà fún. Ẹ má dé fìlà fún ọmọ ọwọ́ sùn nínú ilé, ẹ má sì fi dúfẹ̀ tàbí rọ́bà omi gbígbóná sọ́dọ̀ rẹ̀.