Kí Àmì Abẹ́ Lè Hàn Lójú Fóònù

Láti ọdún mélòó kan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Àjàṣẹ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ èdè Yorùbá. Kọ̀ǹpútà kò tó nǹkan, àwọn ọmọ sì pọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń gba ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní fídíò, kí wọ́n lè wò ó lórí fóònù nílé. Nígbà kan tí a jọ ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn ṣe, ọmọbìnrin kan yíjú sí mi, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́, mo gbọ́ pé àmì ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i." Òótọ́ ni ó sọ. Ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun ti di ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà sì ti pòórá. Bẹ́ẹ̀ ni àmì yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ: ọkọ̀, èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Kétu. Bí a bá yọ àmì rẹ̀ kúrò, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí à ń fi ro oko. Nínú LibreOffice Writer, a ó tẹ kóòdù lẹ́tà, a ó sì tẹ Alt àti X pọ̀. Kóòdù náà yóò yí padà di lẹ́tà lójú ẹsẹ̀:

```
1ECD  Alt+X
k
1ECD  Alt+X
0300  Alt+X
```

Ìlà kejì kò nílò kóòdù, nítorí k wà lórí bọ́tìnnì tirẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ni ó gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé orí lẹ́tà. 0301 ni ti ohùn òkè. Ẹni tó bá ń lo ɛ àti ɔ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé kan ní ilẹ̀ wa ti ń lò wọ́n, yóò fi 025B àti 0254 rọ́pò. Gbogbo iṣẹ́ náà kò pé ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, láti gbà á sílẹ̀ kí ó yé ọmọ tí kò jókòó tì mí, ohun mẹ́ta ni mo máa ń tọ́jú: ohùn, atọ́ka, àti ìsúnmọ́.

OBS Studio ni mo fi ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí ó tọ́jú fídíò ní irú MKV, nítorí pé bí iná bá lọ lójijì, apá tí a ti gbà kò ní bàjẹ́. MP4 lásán lè di òkú fáìlì tí kò ní ṣí mọ́. Bí mo bá parí, mo máa ń lọ sí Remux Recordings nínú OBS kan náà láti sọ ọ́ di MP4 tí fóònù gbogbo ń gbà. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fẹ́ ojú ìwé Writer fúnra rẹ̀ lójú títí dé 200%. Lẹ́tà tó ti tóbi láti ìbẹ̀rẹ̀ sàn ju èyí tí a fi tipátipá fà lẹ́yìn náà.

Ní ti ohùn, míkírò mi kì í jìnnà sí ẹnu ju ìbú ọwọ́ kan ààbọ̀ lọ. Mo máa ń pa fáànù, n kì í sì í gba ohùn nígbà tí òjò bá ń lu páànù. Nínú OBS, ọ̀pá àwọ̀ kan wà tó ń jó bí a ti ń sọ̀rọ̀: kí ọ̀rọ̀ wa máa dé àwọ̀ ìyeyè, kí ó má kan pupa. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ètò ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ọwọ́. Mo máa ń sọ pé: "A fẹ́ kọ ọ tó ní àmì lábẹ́. Ẹ di bọ́tìnnì Maj mú, kí ẹ tẹ ọ̀kan. Ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ tẹ E, C, D." Nígbà náà ni ọwọ́ mi yóò tó lọ. Lórí bọ́tìnnì ti Faransé, ẹni tí kò bá di Maj mú yóò rí & dípò 1, kóòdù kò sì ní ṣiṣẹ́; bí a kò bá fi ẹnu sọ ọ́, kò sí ohun tí yóò fi hàn lójú fídíò.

Ibẹ̀ ni ìwúlò atọ́ka ti dópin. Atọ́ka ni ọfà kékeré tí eku kọ̀ǹpútà ń darí. Lórí Windows, PowerToys ní ohun èlò kan tó ń jẹ́ Mouse Highlighter. Bí a bá tẹ Win+Shift+H, òbìrìkìtì ìyeyè yóò yọ níbi tí a bá ti tẹ eku. Ó dára púpọ̀ láti fi ibi tí a ó ti fi ìwé pamọ́ hàn. Ṣùgbọ́n Alt+X kì í ṣe iṣẹ́ eku. Nítorí náà mo máa ń kọ "Alt + X" gàdàgbà sí ìsàlẹ̀ fídíò ní àkókò yẹn, mo sì máa ń gbé atọ́ka kúrò lórí ọ̀rọ̀. Atọ́ka tó ń rìn kiri lásán ń fa ojú ọmọ kúrò níbi tí ẹ̀kọ́ wà.

Ìsúnmọ́ ni ó kù. Nínú Kdenlive, mo máa ń fi Transform sórí fídíò, mo sì máa ń fi àmì mẹ́rin sí ojú àkókò rẹ̀. Àmì kìíní wà ní 100%. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn rẹ̀, ìkejì wà ní 150%. Ìkẹta di 150% náà mú títí a ó fi rí lẹ́tà. Ìkẹrin dá a padà sí 100%. Ìsúnmọ́ gbọ́dọ̀ ti parí kí n tó tẹ Alt+X, kí ojú ti dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí 1ECD bá di ọ. Lẹ́yìn èyí, mo máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta.

Ìdí tí mo fi yan 150% ni pé 1920×1080 ni mo fi ń gba ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n 1280×720 ni fídíò tí mo fi ń ránṣẹ́. Bí a bá pín 1920 sí 1280, ìdajì lé lórí odidi ni. Títí dé ibẹ̀, àwòrán ṣì mọ́ gaara. Bí a bá kọjá rẹ̀, ṣe ni a kàn ń na àwọ̀ tó wà, etí lẹ́tà a sì máa ṣú. Fídíò tó kéré bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ owó fóònù àwọn òbí púpọ̀.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń pa ohùn, mo sì máa ń na apá mi gùn: bí n kò bá lè mọ ọ yàtọ̀ sí o, ìsúnmọ́ kò tó. Lẹ́ẹ̀kejì, mo máa ń dojú fóònù bolẹ̀, mo sì máa ń fi etí nìkan tẹ ọ̀rọ̀ náà lórí kọ̀ǹpútà mi. Bí ohun tó jáde kò bá jẹ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ó ṣì kù, n ó sì tún apá yẹn gbà.